Ibi Tí ‘u’ Kejì Ti Wá: Bí Fífọ́ Ọ̀rọ̀ Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ ní Àkọtọ́

Ẹ pe ‘onílùú’ fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni yóò kọ ‘onílù’. Ẹni tó ni ìlú lẹ pè, ẹni tó ń lu ìlù ni wọ́n kọ. Etí wọn gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ibi tí ‘u’ kejì ti wá. Ọmọ tó bá mọ bí a ṣe ń fọ́ ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ á mọ̀ ọ́n.

Àfòmọ́ ni ègé tí kò lè dá dúró, tí a ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ tuntun lè jáde. Iwájú ọ̀rọ̀ ni Yorùbá sábà máa ń fi í sí. Nínú ‘tíṣà’ tí a yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìdí ọ̀rọ̀ ni ègé tó ń tọ́ka sí olùṣe wà. Nínú ‘olùkọ́’, iwájú ló wà. Èdè wa kò ní àfòmọ́ ìparí, nítorí náà kí olùkọ́ má ṣe ní kí ọmọ máa wá a kiri.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ‘olù-’ máa ń bá lọ, kì í sì í yí ohunkóhun padà: kọ́ di olùkọ́, darí di olùdarí. Ọ̀rọ̀-orúkọ ni ‘oní-’ ń fẹ́, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Bí kọ́ńsónáǹtì bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ẹ kàn lẹ̀ wọ́n pọ̀: oníbàtà. Bí ó bá jẹ́ ‘i’, méjèèjì di ọ̀kan: oní àti ilé di onílé. Bí ó bá jẹ́ fáwẹ̀lì mìíràn, ‘n’ yóò di ‘l’, ‘o’ iwájú yóò sì di irú fáwẹ̀lì náà. Bí aṣọ ṣe di aláṣọ nìyẹn, tí epo di elépo, tí ẹja di ẹlẹ́ja, tí owó di olówó, tí ọkọ̀ di ọlọ́kọ̀.

Ó wá ku ohùn. Ohùn òkè tó wà lórí ‘ní’ kì í sọnù. Ó máa ń gba ipò ohùn tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ. Bí ohùn ìsàlẹ̀ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ohùn òkè sì tẹ̀ lé e, ohùn ìsàlẹ̀ náà yóò sún síwájú, yóò sì fa fáwẹ̀lì tó bá níbẹ̀ gùn. Nínú ‘ìlú’, ohùn ìsàlẹ̀ sún sórí ‘ú’, ó di ‘ùú’: onílùú. Nínú ‘ìlù’, ohùn ìsàlẹ̀ mìíràn ti wà níwájú, kò sí ohun tó máa fà: onílù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdúrà ṣe di aládùúrà, tí àkàrà sì di alákàrà lásán. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ní kí a kọ fáwẹ̀lì tí ohùn rẹ̀ fà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ohun tí ọmọ bá fọ́ ni yóò sọ iye lẹ́tà tó máa kọ.

Lójú pátákó, ẹ fa ìlà kí ó di òpó mẹ́ta: àfòmọ́, ọ̀rọ̀-orúkọ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tuntun. Kí ọmọ kọ́kọ́ pe ọ̀rọ̀-orúkọ náà nìkan, kó fi àmì sí i, kó tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àfòmọ́. Ọmọ tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí ló máa ń kọ ‘onílù’ fún ‘onílùú’.

Àkànpọ̀ ní tirẹ̀ máa ń pa fáwẹ̀lì jẹ. Ẹran àti oko di ẹranko, ewé àti oko di ewéko. Gbẹ́ àti ọnà di gbẹ́nà, a sì pè é lẹ́ẹ̀mejì kó di gbẹ́nàgbẹ́nà. Kí ọmọ sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì lódindi kó tó kọ wọ́n pọ̀, kó lè mọ fáwẹ̀lì tó sọnù, kó má sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bí ẹni pé méjì ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ní ààlà. Ọmọ tó ti gbádùn fífọ́ ọ̀rọ̀ yóò fẹ́ fọ́ ‘alángbá’ náà. Ẹ bi í pé: kí ló kù lẹ́yìn ‘oní’, ṣé ọ̀rọ̀ tí a mọ̀ ni, ṣé ìtumọ̀ rẹ̀ sì bá ti odindi mu? Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, kó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Láti mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ wọlé, ẹ má pe ọ̀rọ̀ tó wà lójú pátákó. Ẹ pe ‘aláàánú’ àti ‘olóòótọ́’, tí wọn kò tíì kọ rí. Ẹni tó há àwọn ọ̀rọ̀ ìṣáájú sórí nìkan á kọ ‘alánú’. Ẹni tó mọ ọ̀nà á ronú kan àánú: ohùn òkè ‘oní’ dúró lórí ‘á’ àkọ́kọ́, ohùn ìsàlẹ̀ sún sórí èyí tó tẹ̀ lé e, ó di ‘àá’. ‘Á’ kan àti ‘àá’, fáwẹ̀lì mẹ́ta léraléra, kò sì ní fi ọ̀kan sílẹ̀.