Ẹ̀rọ Gba Owó, Àkáǹtì Kò Rí I

Ẹni tí ATM kò pọ owó fún máa ń bínú, àmọ́ ó ṣì ní ìtùnú díẹ̀: owó náà kò kúrò nínú ẹ̀rọ. Ẹni tó to owó tirẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ agbowó, tó rí i bí ẹ̀rọ ṣe fà á wọlé, tó wá dúró títí tí kò rí aláàtì, kò ní irú ìtùnú bẹ́ẹ̀. Owó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kásíà kan kò jókòó níbẹ̀, risíìtì kò jáde. Kí ni bánkì fẹ́ fi mọ̀ pé kì í ṣe irọ́ ló ń pa?

Ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dá lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa ń bi léèrè.

Bí owó bá ti wọlé, rọ́bà tó ń yí yóò máa fà á lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan níwájú àwọn ojú ẹ̀rọ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò: gígùn rẹ̀, bó ṣe nípọn sí, àwòrán ara rẹ̀, àti bó ṣe ń tàn lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí. Èyí tó bá ká létí, tó ti gbó jù, tàbí tí wọ́n fi sẹlotéèpù lẹ̀, ẹ̀rọ yóò tì í jáde. (Nígbà tí ₦200, ₦500 àti ₦1,000 tuntun jáde ní December 2022, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ àwọn ẹ̀rọ ní àwòrán wọn kí wọ́n tó lè gbà wọ́n.) Èyí tó bá dá mọ̀, yóò kó o jọ sí àyè ìdúró kan. Níbẹ̀, owó ṣì jẹ́ ti oníbàárà. Ẹ̀rọ yóò kọ iye tó kà sójú rẹ̀, yóò sì bi í bóyá iye yẹn gan-an ló kó wá.

Ìgbà tí oníbàárà bá tẹ bẹ́ẹ̀ ni ni ọ̀nà pín sí méjì. Bébà owó ń lọ sínú àpótí tó wà nísàlẹ̀. Ìròyìn sì ń gba orí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì lọ bá kọ̀ǹpútà bánkì pé kí ó kọ owó náà sí àkáǹtì. Bébà lè dé kí ìròyìn má dé. Ìròyìn náà lè dé, kí èsì rẹ̀ sọnù lójú ọ̀nà, kí ẹ̀rọ wá sọ pé kò ṣeé ṣe nígbà tí owó ti wà nínú àkáǹtì ní tòótọ́. Ìdí nìyí tó fi dára kí èèyàn yẹ àkáǹtì rẹ̀ wò kó tó pariwo, nítorí aláàtì tí kò dé kò túmọ̀ sí pé owó kò wọlé.

Ẹ jẹ́ ká fi oníṣòwò aṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó dé ìdí ẹ̀rọ ní aago méje ààbọ̀ kọjá lálẹ́ ọjọ́rú, bánkì ti tì. Ẹyọ ₦1,000 tó jẹ́ 150 ló kó síbẹ̀. Ẹ̀rọ dá mẹ́ta padà, ó na etí wọn, ó tún fi wọ́n sí i, ẹ̀rọ sì kọ ₦150,000. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ kùn díẹ̀, ó wá ní òun kò lè parí iṣẹ́ náà. Owó kò padà, risíìtì kò jáde.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ sí ẹ̀ka tó ni ẹ̀rọ náà, ó kọ ẹ̀sùn. Ohun àkọ́kọ́ tí òṣìṣẹ́ bánkì yóò ṣí ni ìwé ìròyìn ẹ̀rọ, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ ń ṣe fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú: ta ló fi káàdì sí i tàbí nọ́ńbà àkáǹtì wo ni wọ́n tẹ̀, ẹyọ mélòó ló wọlé, mélòó ló padà, ìgbà wo ni wọ́n tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ní aago 19:42, ó kọ ọ́ pé 150 ẹyọ ₦1,000 ti bọ́ sínú àpótí, èsì kọ̀ǹpútà bánkì kò dé. Èyí bá ọ̀rọ̀ obìnrin náà mu, àmọ́ kò tí ì tó. Ẹ̀rọ lè kọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, wọ́n ní láti ṣí i. Ẹnì kan ṣoṣo kì í dá a ṣí. Àwọn méjì ni, kí ọ̀kan má bàa dá nìkan fọwọ́ kan owó. Wọ́n kó gbogbo owó inú àpótí jáde, wọ́n kà á: ₦4,428,000. Wọ́n wo ìwé bánkì: owó tí ẹ̀rọ náà ti kọ sí àkáǹtì àwọn èèyàn láti ìgbà tí wọ́n kó o kẹ́yìn jẹ́ ₦4,260,000. Èyí tó lé jẹ́ ₦168,000.

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà. ₦168,000 kò bá ₦150,000 dọ́gba. Ṣé kí wọ́n san ₦150,000, kí bánkì sì mú ìyókù? Rárá. Wọ́n padà sí àkọsílẹ̀, wọ́n rí i pé ní aago 19:50, kí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó padà, ẹlòmíràn fi 20 ẹyọ ₦1,000 sí i, ohun kan náà sì ṣẹlẹ̀ sí i. Ìyẹn jẹ́ ₦170,000 lápapọ̀. ₦2,000 ló wá kù tí wọn kò rí. Nígbà tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ tú ọ̀nà tí owó ń gbà kọjá, ó bá ẹyọ méjì tó há sí ẹ̀yìn rọ́bà. Ìṣirò pé. Wọ́n kọ owó àwọn méjèèjì sí àkáǹtì wọn. Bí ẹnì kejì kò bá tiẹ̀ tí ì wá, owó tó lé yóò dúró sí àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí bánkì ń fi irú rẹ̀ pamọ́ sí.

Kámẹ́rà ńkọ́? Ó wúlò, àmọ́ kì í ka owó. Ohun tó lè fi hàn ni ẹni tó dúró síbẹ̀, àti bóyá ẹnì kan mú owó tó padà jáde. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀: nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń fà, oníbàárà bínú kúrò, ẹ̀rọ wá ti owó jáde lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹni tó tẹ̀ lé e kò bá mú un, ẹ̀rọ yóò fà á padà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan sínú àpótí ọ̀tọ̀. Ẹni tí nǹkan bẹ́ẹ̀ bá dé bá kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀ títí ojú ẹ̀rọ yóò fi padà sí ti àkọ́kọ́. Kò sì gbọdọ̀ tún owó míràn fi sí i láti fi dán an wò, nítorí ẹ̀sùn méjì ni yóò wá di.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ẹ̀sùn ni nọ́ńbà àkáǹtì, iye owó àti irú ẹyọ tó jẹ́, ẹ̀rọ tó jẹ́ gan-an bí wọ́n bá ju ọ̀kan lọ, àti aago. Aago ló ṣe pàtàkì jù; òun ni wọ́n fi ń wá ìlà kan láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú àkọsílẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé CBN ti fún bánkì ní wákàtí 24 tàbí 48. Àṣẹ 2020 yẹn dá lórí owó tí ẹ̀rọ kò pọ síta tí wọ́n ti yọ lára àkáǹtì. Owó tí èèyàn fi sínú ẹ̀rọ ní láti dúró de ìgbà tí wọ́n bá ṣí i kà, ìyẹn sì lè gba ọjọ́ mélòó kan, pàápàá bó bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀. Àmọ́ bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí bánkì kò yanjú ẹ̀sùn, oníbàárà lè gbé e lọ sí ẹ̀ka CBN tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ní cpd@cbn.gov.ng, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀sùn tí bánkì fún un. Bí bánkì bá sì ní ẹ̀rọ kò gba nǹkan kan, kí ó béèrè ohun méjì: kí ni àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ sọ ní aago tí òun dárúkọ, àti èló ló lé lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i kà.