Òpó Márùn-ún Péré La Tọrọ

Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ sí ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fún ẹ̀ka àkọsílẹ̀ aláìsàn láyè láti wọ dátábéèsì ilé ìwòsàn wa, kí a lè máa ṣe ìjábọ̀ oṣooṣù fúnra wa. Ọjọ́ kẹta ni èsì dé pé kò ṣeé ṣe. Inú bí mi gan-an. Mo gbà pé wọ́n kàn fẹ́ dá iṣẹ́ wa dúró ni. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé bí èmi náà bá jókòó sórí àga ọ̀gá wọn, n kò ní fọwọ́ sí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Kò sọ ohun tí a fẹ́ kà, kò sọ ìgbà tí a máa kà á, kò sì sọ ẹni tí wọn ó dì mú bí nǹkan bá bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ti ń ṣe é nígbà náà. Bí oṣù tuntun bá ti wọlé, ọmọkùnrin kan láti ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà á gbé fíláàṣì wá. Inú rẹ̀ ni fáìlì Ẹ́sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ní gbogbo ìbẹ̀wò aláìsàn fún oṣù tó kọjá, òpó 41 ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn: orúkọ, nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì, àìsàn, oògùn, iye owó. Àwa á wá jókòó, a ó máa ṣẹ́ àwọn ìlà kílíníìkì kan sọ́tọ̀, a ó kà á, a ó kọ iye rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, a ó tún bọ́ sí kílíníìkì tó kàn. Kílíníìkì 14 ni wọ́n. Ọjọ́ méjì gbáko ló ń gbà. Nínú òpó 41 yẹn, márùn-ún péré la ń lò. Àwọn yòókù kàn wà níbẹ̀ ni, wọ́n ń sùn sínú kọ̀ǹpútà mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni tó bá wọ ọ́fíìsì wa lè jókòó tì.

Ohun tí a nílò kò ṣòroó ṣàlàyé. Inú dátábéèsì ni gbogbo àkọsílẹ̀ wà, lórí àtẹ bíi mélòó kan: àtẹ aláìsàn, àtẹ ìbẹ̀wò, àtẹ owó. Ẹni tó bá ní àyè kíkà lè béèrè ohun tó wà lórí àtẹ, àmọ́ kò lè fi kún un, kò lè yọ kúrò, kò sì lè yí i padà. Bí ẹ̀ka wa bá ní àyè yìí, kọ̀ǹpútà wa lè fúnra rẹ̀ béèrè iye ìbẹ̀wò lóṣooṣù, kí ó kà á, kí ó sì tò ó sínú fọ́ọ̀mù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò tún sí fíláàṣì tí ẹnì kan á máa gbé kiri.

Mo lọ bá ọ̀gá kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Obìnrin tó dàgbà jù mí lọ ni. Mo kí wọn, mo sì bi wọ́n léèrè ohun tó wà nínú lẹ́tà mi tí wọn kò fẹ́. Wọn kò bínú rárá. Wọ́n ní, "Àbúrò, ẹ̀yin rò pé kíkà kì í ba nǹkan jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí." Wọ́n wá ròyìn àárọ̀ Mọ́ńdè kan tí òṣìṣẹ́ kan, tó ní àyè kíkà, béèrè gbogbo ìbẹ̀wò láti ọjọ́ tí ilé ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Sáfà ń wá gbogbo rẹ̀ jáde, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ní kántà ìforúkọsílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tẹ bọ́tìnnì, nǹkan kò jáde. Àwọn ìyá tó gbọ́mọ pọ̀n dúró lórí ìlà fún ohun tó lé ní wákàtí kan. Ẹni tó fa gbogbo rẹ̀ kò yí ẹyọ lẹ́tà kan padà nínú dátábéèsì. Kíkà nìkan ló ń kà.

Ìbẹ̀rù wọn kejì ni orúkọ aláìsàn. Òfin ààbò ìsọfúnni tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera ẹni mọ́ àwọn ìsọfúnni tó gba ìṣọ́ra jù lọ. Bí àkọsílẹ̀ aláìsàn bá tú síta, ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà ni wọ́n á kọ́kọ́ kàn lára. Mo bá sọ fún wọn pé, "Mà, fáìlì tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí wa lóṣooṣù ní orúkọ gbogbo wọn." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ kọ ìyẹn sínú lẹ́tà yín."

Lẹ́tà kejì nìyí, mo kàn yọ orúkọ èèyàn kúrò nínú rẹ̀:

> Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Kọ̀ǹpútà.
> Ẹ̀dà sí Olórí Ẹ̀ka Àkọsílẹ̀ Aláìsàn, àti sí ẹni tó ń bójú tó ààbò ìsọfúnni.
>
> A ń tọrọ àyè láti ka iye ìbẹ̀wò fún ìjábọ̀ oṣooṣù. A kò ní kọ ohunkóhun sínú dátábéèsì.
>
> Òpó 5 la nílò: nọ́ńbà ìbẹ̀wò, kí a má baà ka ìbẹ̀wò kan lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ àti àkókò rẹ̀, kílíníìkì, ọkùnrin tàbí obìnrin, àti ìpele ọjọ́ orí. A kò nílò orúkọ, fóònù, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí tàbí àìsàn ẹnikẹ́ni. Fáìlì tí à ń gbà báyìí ní òpó 41, gbogbo ìwọ̀nyí sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí a ń tọrọ yìí kéré sí ohun tó ti wà lọ́wọ́ wa.
>
> Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la máa wọlé, ní ọjọ́ 4, aago 2 òru. Ìbẹ̀wò oṣù tó kọjá nìkan la máa kà. Bí ẹ bá ní ẹ̀dà dátábéèsì, ẹ̀dà náà tó wa. Bí ìbéèrè wa bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ẹ gé e.
>
> Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la ó ti máa wọlé. Ẹ̀ka wa ló ni orúkọ ìwọlé náà. Òṣìṣẹ́ méjì tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀ ni yóò dáhùn fún un. Kí àyè náà parí lẹ́yìn ọdún kan, àfi bí a bá tún kọ̀wé.
>
> Fún oṣù 2 àkọ́kọ́, a ó ṣì máa fọwọ́ kà. Bí iye ti ọwọ́ àti ti kọ̀ǹpútà bá ti bára mu, a ó pa gbogbo fáìlì àtijọ́ rẹ́, ẹ ó sì rán ẹnì kan wá wò ó.

Ọjọ́ 4 tí a mú kì í ṣe àmúṣàdédé. Ní wọ́ọ̀dù pàjáwìrì, káàdì ni wọ́n ń kọ sí lóru, nígbà míì ó máa ń tó ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Bí a bá kà á ní ọjọ́ 1, àwọn aláìsàn tó dé ní òpin oṣù kò ní sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀dà dátábéèsì. Sáfà kejì ni, tó ń da ohun tó bá wọ inú sáfà àkọ́kọ́ kọ bó ṣe ń wọlé. Ó lè fi ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan gbẹ̀yìn, ìyẹn kò sì pa ìjábọ̀ oṣooṣù lára. Bí àwa bá fi ìbéèrè wa kan án lára, kántà ìforúkọsílẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi fọwọ́ sí i. Dátábéèsì PostgreSQL ni ilé ìwòsàn wa ń lò. Wọ́n ṣe ohun kan tí wọ́n ń pè ní fíù: ó dà bí fèrèsé tí wọ́n gé sára ògiri, òpó márùn-ún wa nìkan ló hàn níbẹ̀. Inú fíù náà ni wọ́n ti ń ṣírò ìpele ọjọ́ orí, nítorí náà ọjọ́ ìbí kì í jáde síta rárá. Wọ́n wá ṣí ojú fèrèsé náà fún wa báyìí:

```sql
CREATE ROLE ijabo_osoosu LOGIN CONNECTION LIMIT 1;
ALTER ROLE ijabo_osoosu SET statement_timeout = '5min';
GRANT USAGE ON SCHEMA ijabo TO ijabo_osoosu;
GRANT SELECT ON ijabo.ibewo TO ijabo_osoosu;
```

Ìlà kìíní dá orúkọ ìwọlé sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì lè wọlé lákòókò kan. Ìkejì ń gé ìbéèrè tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Mà sọ fún mi pé ìyẹn kì í ṣe àgádágodo, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò lè yí i padà. Àṣìṣe ló wà fún, kò wà fún olè. Méjì ìkẹyìn ló fún wa láyè láti ka fèrèsé náà. Páásìwọ́ọ̀dù kò sí nínú ètò tó ń ṣe ìjábọ̀. Inú fáìlì `.pgpass` ló wà, orúkọ ìwọlé kan ṣoṣo ló sì lè ṣí i lórí kọ̀ǹpútà náà.

Wọ́n ní kí n dán an wò lójú wọn, kì í ṣe èyí tó yẹ kó ṣiṣẹ́, bí kò ṣe èyí tí kò yẹ kó ṣiṣẹ́. Mo béèrè àtẹ aláìsàn. Ohun tó jáde nìyí:

```
ERROR:  permission denied for table alaisan
```

Inú wọn dùn sí ìlà yẹn ju ohunkóhun mìíràn tí mo fi hàn wọ́n lọ́jọ́ náà.

Oṣù Keje ọdún 2025 la kọ́kọ́ kà. A fọwọ́ kà á, ó jẹ́ 6,630. Kọ̀ǹpútà ní 6,418. Ìbẹ̀wò 212 ti sọnù. Mo kọ́kọ́ rò pé kílíníìkì kan ni wọ́n gbàgbé, àmọ́ nígbà tí mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ni iye tiwọn dín díẹ̀. Mo wá tò ó ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ 1 dé ọjọ́ 30, iye bára mu. Ọjọ́ 31, òfo. Ohun tí mo kọ sínú ìbéèrè mi ni pé kí ó mú ohun tó wà láàárín `'2025-07-01'` àti `'2025-07-31'`. Lójú tèmi, ọjọ́ 31 wà nínú rẹ̀. Àmọ́ òpó yẹn ní ọjọ́ àti àkókò pọ̀, bí ènìyàn bá sì kọ ọjọ́ lásán láìsí aago, aago 12 òru, ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ náà gan-an, ni dátábéèsì máa ń kà á sí. Ẹni tó bá dé kílíníìkì ní aago 9 àárọ̀ ọjọ́ 31 ti pẹ́ jù. Àtúnṣe rẹ̀ nìyí:

```sql
WHERE akoko >= '2025-07-01'
  AND akoko <  '2025-08-01'
```

Ọjọ́ 1 oṣù tó kàn ni ènìyàn á fi ṣe ààlà, láì kà á mọ́ ọn. Iye náà di 6,630. Bí kì í bá ṣe oṣù méjì tí a ṣèlérí pé a ó ṣì máa fọwọ́ kà, ìjábọ̀ wa ì bá máa pàdánù ọjọ́ kan lóṣooṣù, kò sì sí ẹni tí ì bá fura, torí pé 6,418 kò jọ àṣìṣe rárá.

Oṣù Kẹjọ bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin tó máa ń gbé fíláàṣì wá ni wọ́n rán láti wá wo bí a ṣe ń pa àwọn fáìlì àtijọ́ rẹ́. Ó jókòó tì mí, a ṣí kọ̀ǹpútà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, a wo Downloads, a wo Desktop, a tú Recycle Bin dànù. Fáìlì 57 la rí, àwọn mìíràn jẹ́ ẹ̀dà ara wọn. Kí ó tó lọ, ó ní kí n gbé fíláàṣì tó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi wá. Ó ki í bọ inú kọ̀ǹpútà, ó rí mẹ́rin sí i níbẹ̀.