Bí Charlie Parker Ṣe Gba Ẹ̀yìnkùlé Wọ “Cherokee”

Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 1945, Charlie Parker wọ sítúdíò kan ní Niu Yọ́ọ̀kì láti gba orin sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Savoy. Ọmọ ọdún 25 ni, sásófóònù ló sì ń fọn. Dizzy Gillespie wà níbẹ̀ pẹ̀lú tọ́ḿpẹ́ẹ̀tì, Curley Russell di bààsì mú, Max Roach sì jókòó ti dírọ́ọ̀mù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré àsápajúdé. Bí ìbẹ̀rẹ̀ orin náà ṣe parí, wọ́n bọ́ sínú ohùn “Cherokee”, orin Ray Noble tó ti jáde láti ọdún 1938 tí àwọn oníjó Amẹ́ríkà sì mọ̀ dáadáa. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kí wọ́n dúró. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, kò sí ohùn “Cherokee” nínú rẹ̀ mọ́. “Ko-Ko” ni wọ́n sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ owó wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ òfin, ẹni tó kọ orin ló ni ohùn orin àti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kàn án tí ẹlòmíì bá gbà á sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ni bí kọ́ọ̀dù ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. Ẹni tó bá yọ ohùn orin kúrò tó sì fi kọ́ọ̀dù rẹ̀ sílẹ̀, orin tuntun ló ní lọ́wọ́ yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ olórin tí wọ́n ń pè ní ọmọ bíbọ́ọ̀pù ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé nítorí owó nìkan ni, kò tíì gbọ́ ohun tí Parker ṣe.

Ẹni tó bá ti kọrin ní kúáyà rí mọ̀ pé tí dó, mí àti só bá dún pọ̀, kọ́ọ̀dù ni. Tẹ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ olórin jáàsì tó bá fẹ́ dá orin lójú ẹsẹ̀ a rọ̀ mọ́ ohùn orin tí gbogbo ayé mọ̀, a máa fi ọ̀ṣọ́ sí i lára. Kì í ṣe gbogbo wọn o. Coleman Hawkins ti fi “Body and Soul” hàn ní ọdún 1939 pé èèyàn lè pa ohùn orin tì, kó máa bá kọ́ọ̀dù nìkan lọ. Àwọn ọmọ bíbọ́ọ̀pù ló wá sọ ọ́ di ìlànà, “Cherokee” sì ni ibi tí wọ́n ti ń dán ara wọn wò.

Báà 64 ni orin náà. Kọ́ọ̀dù inú apá àkọ́kọ́ rẹ̀ kì í tètè yí, ara tu olórin níbẹ̀. Wàhálà wà láàárín, nínú báà 16. Orin tó ń lọ jẹ́jẹ́ nínú kíì B-fláàtì á ṣàdédé balẹ̀ sínú kíì B. Ìdajì ohùn péré ló gòkè, ṣùgbọ́n nínú ohùn méje tí kíì kọ̀ọ̀kan ní, méjì péré ni wọ́n jọ ní. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì rinlẹ̀ níbẹ̀ tó fi sọ̀ kalẹ̀ sí A, ló bá tún sọ̀ kalẹ̀ sí G, kó tó wá ọ̀nà padà sílé. “Ko-Ko” ń sá tó nǹkan bí bíìtì 300 láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àti díẹ̀ ni olórin ń rí lò nínú kíì kan. Ẹni tó ṣì ń wá ọ̀ṣọ́ tí yóò fi sí ohùn orin, kíì á ti yí mọ́ ọn lọ́wọ́. Parker yí orin yìí po lẹ́ẹ̀mejì gbáko, kò sì sí ibi tó ti kọsẹ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Ẹ jẹ́ ká wo kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, èyí tó jókòó lé só: só, tí, ré, fá. Òun ló máa ń fa orin padà sílé, sí dó. Tí àti fá ni agbára rẹ̀ wà, nítorí tí ń wá bí yóò ṣe gòkè sí dó, fá sì ń wá bí yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀ sí mí. Kọ́ọ̀dù mìíràn wà tó jókòó lé ohùn kékeré tó wà láàárín dó àti ré. Ó jìnnà sí só gan-an, síbẹ̀ tí àti fá kan náà wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ bíbọ́ọ̀pù yọ ti àkọ́kọ́, wọ́n fi èkejì dípò. Orin ṣì ń délé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé. Etí tí kò tíì mọ́ ọn lára á rò pé olórin ti ṣi ohùn.

Ọgbọ́n kejì dá lórí àkókò. Báà oníbíìtì mẹ́rin ní àyè ohùn mẹ́jọ, tí ohùn méjì bá wà nínú bíìtì kọ̀ọ̀kan. Ohùn méje péré ló sì wà láti só dé só ìsàlẹ̀. Tí èèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe wà, só, fá, mí, ré, dó, tí, lá, àwọn tó máa bọ́ sórí bíìtì ni só, mí, dó àti lá, wọn kì í sì í ṣe kọ́ọ̀dù tí à ń wí. Ẹ wá fi ohùn kékeré kan há àárín só àti fá. Ohùn ti di mẹ́jọ, àwọn tó bọ́ sórí bíìtì sì di só, fá, ré àti tí, ìyẹn kọ́ọ̀dù náà gẹ́lẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí a bá pa dùùrù àti bààsì lẹ́nu mọ́, sásófóònù Parker nìkan á ṣì máa sọ ibi tí kọ́ọ̀dù dé. Ẹni tó kàn ń sáré ka ohùn lásán kò lè yege nínú ìdánwò yìí.

Irú orin bẹ́ẹ̀ kò lè gbé lórí ìlù àtijọ́, níbi tí onílù ti ń fẹsẹ̀ gbá ìlù ńlá lórí gbogbo bíìtì. Eré náà ti kọjá agbára ẹsẹ̀. Kenny Clarke, tó ń lù ní Minton's Playhouse ní Hálẹ́ẹ̀mù, gbé ìṣirò àkókò lọ sórí aro, àwo idẹ tí wọ́n ń fi igi lù, ó sì dá ẹsẹ̀ sílẹ̀ kó máa ju ìlù síbi tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ogun Àgbáyé ń lọ lọ́wọ́, bọ́ǹbù ni wọ́n ń pe irú ìlù bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń dá orin lè bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn rẹ̀ níbikíbi nínú báà, kó sì dá a dúró láàárín bíìtì méjì, ìlù á máa dá a lóhùn. Ọ̀pọ̀ oníjó kò rí ẹsẹ̀ gbé sí i, wọ́n sì wábi gbà lọ.

Parker kú ní ọdún 1955. Ní ọdún 1978, wọ́n tẹ àwọn orin tó dá lójú ẹsẹ̀ jáde nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní “Charlie Parker Omnibook”, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáàsì ṣì ń há a sórí títí di òní. David Baker, olùkọ́ orin ní Indiana, sì ṣàlàyé ọgbọ́n ohùn mẹ́jọ yẹn nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́.

Ṣùgbọ́n kọ́ọ̀dù tó ń yí lemọ́lemọ́ su àwọn kan. Miles Davis, tó ti bá Parker ṣiṣẹ́ láti kékeré, gba “So What” sílẹ̀ ní ọdún 1959, ó sì fi kọ́ọ̀dù méjì péré sábẹ́ báà 32. Ní ọdún yẹn kan náà, John Coltrane, tó wà nínú ẹgbẹ́ Miles, gba ọ̀nà tó kọjú sí i: kíì mẹ́ta tó jìnnà síra ló ń yí lórí eré nínú “Giant Steps” rẹ̀. Tommy Flanagan tó tẹ dùùrù níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì, ọmọ bíbọ́ọ̀pù pọ́ńbélé ni. Síbẹ̀, nígbà tó kàn án láti dá orin, ìka rẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ó ń dúró, kọ́ọ̀dù ń sá mọ́ ọn lọ́wọ́, àwo orin náà sì jáde bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé. Ní ọdún 1982, Flanagan padà sídìí orin kan náà, ó gbà á sílẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ láìkọsẹ̀.