Bí ọjà kò bá tà mọ́: Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé kí onílé tó dín owó ṣọ́ọ̀bù kù fúngbà díẹ̀

Kò sẹ́ni tó nílò láti ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pè ní ọjà-ò-tà fún àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ ńlá tó wà n'Ìkéré-Èkìtì. Ibi tó ti di Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà lónìí yìí, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àrùn kòrónà dé, tí ìjọba sì ní kí wọ́n ti ilé-ìwé pa káàkiri Nàìjíríà ní Oṣù Kẹta ọdún 2020, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó ẹrù wọn, wọ́n gba ilé lọ. Àtẹni tó ń ta búrẹ́dì, àtẹni tó ń ṣe fọ́tókọ́pì, àtẹni tó ń gẹ irun, oníbàárà gbogbo wọn pòórá láàárín ọjọ́ mélòó kan. Owó ṣọ́ọ̀bù nìkan ni kò bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sílé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ọlọ́ṣọ́ọ̀bù máa ń ṣe nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni pé wọ́n á lọ kúnlẹ̀ níwájú onílé, wọ́n á ní, “Bàbá, ẹ ṣàánú wa, ọjà ò lọ.” Bàbá á ní òun ti gbọ́, kí wọ́n ṣì mú èyí tó bá wà lọ́wọ́ wá. Tàánútàánú ni wọ́n máa fi túká, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí. Ṣé Bàbá fi èyí tó kù jì wọ́n ni, àbí ó kàn ní kí wọ́n mú un wá tó bá yá? Ibẹ̀ ni ìjà ọjọ́ iwájú ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kò sí òfin kankan tó ní kí onílé dín owó ṣọ́ọ̀bù kù torí pé ọjà kò tà. Bí àdéhùn bá ti wà, owó tó wà nínú rẹ̀ ni ayálégbé jẹ, yálà ó tà ni tàbí kò tà. Nítorí náà, ìpàdé onítajà méjì lọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀tọ́ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó sì fẹ́ kí ọmọnìkejì òun fi owó sílẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìṣirò dání.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyá kan wà tó ń ta bisikíìtì, mílíìkì, ìndómì àti ọṣẹ nítòsí géètì kọ́lẹ́ẹ̀jì. Owó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ́ N96,000 lọ́dún, ìyẹn N8,000 lóṣù, ọjọ́ kìn-ín-ní Oṣù Keje 2020 ló sì yẹ kó san ti ọdún tuntun. Ìyá yìí ní ìwé kékeré kan tó ń kọ ọjà tó bá tà sí lójoojúmọ́. Kó tó di pé wọ́n ti ilé-ìwé, ó ń ta bíi N12,000 lójúmọ́. Bí èrè rẹ̀ bá jẹ́ náírà kan nínú mẹ́wàá, N1,200 nìyẹn, tó bá sì ṣí ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ 26 lóṣù, N31,200 ló ń wọlé kó tó san owó ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ, ọjà tó ń tà já sí N4,000 lójúmọ́. Èrè oṣù kan wá di N10,400. Tí wọ́n bá yọ N8,000 kúrò nínú rẹ̀, N2,400 ló kù fún oúnjẹ, owó iná àti ọkọ̀ tó ń gbé ọjà wá láti Àkúrẹ́.

Pẹ̀lú ìwé yẹn lọ́wọ́, kò ní sọ pé kí onílé “ṣe nǹkan sí i.” Ohun tó máa sọ ni pé òun fẹ́ san ìdajì, ìyẹn N4,000 lóṣù, fún oṣù mẹ́fà, kí òun sì padà sí N8,000 fún oṣù mẹ́fà tó kẹ́yìn ọdún. N72,000 ni gbogbo owó ọdún náà máa jẹ́ dípò N96,000. N24,000 ló ń bẹ̀bẹ̀ fún, kò lé, kò dín.

Onílé náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bí ìyá yìí bá kó jáde, ta ló máa gba ṣọ́ọ̀bù létí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́? Oṣù mẹ́ta péré tí ṣọ́ọ̀bù yẹn bá fi wà ní títì, N24,000 ti lọ, iye kan náà tí ìyá yẹn ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kò tíì sí owó ọ̀dà tí wọ́n máa fi kun ún níbẹ̀ o. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ onílé létí gan-an nìyí, ìyá náà sì lè sọ ọ́ láìfi ṣe ìhàlẹ̀: “Bàbá, mi ò fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ yín. Ìwé ọjà mi rèé, ẹ wò ó. Bí mo bá lọ báyìí, ṣọ́ọ̀bù á ṣófo, èmi náà á sì pàdánù oníbàárà mi. Ẹ jẹ́ kí n san ìdajì títí di ìparí ọdún.”

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọjà-ò-tà lèèyàn lè gbé lọ bá onílé. Ní Ìṣẹ̀ àti Ẹmùrẹ́, tí àgbẹ̀ pọ̀ sí, gbogbo ayé ló mọ̀ pé owó máa ń wọ́n nígbà òjò, pé ó máa ń yọ nígbà tí wọ́n bá ká kòkó. Ọ̀pọ̀ onílé ibẹ̀, àgbẹ̀ ni àwọn náà. Bí ayálégbé bá lọ sọ fún wọn ní Oṣù Keje pé ọjà ò tà, wọn á bi í pé èwo ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ohun tó dáa kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ béèrè ni pé kí wọ́n pín owó náà sí méjì, kó san díẹ̀ báyìí, kó sì san ìyókù nígbà kòkó. Onílé kò pàdánù kọ́bọ̀ kan nínú ìyẹn.

Ohun mìíràn tó yẹ kí wọ́n rántí ni pé ọdún kan ni wọ́n sábà máa ń san sílẹ̀ fún ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ti san owó ọdún kan ní Oṣù Kìn-ín-ní 2020 kò ní owó kankan tí onílé lè dín kù mọ́. Owó tó ti wọ àpò Bàbá kò rọrùn láti gbà padà. Ohun tó lè béèrè ni àfikún oṣù, pé kí ọdún òun parí ní Oṣù Kẹta 2021 dípò Oṣù Kejìlá 2020. Ọ̀pọ̀ onílé tó máa kọ̀ láti dá owó padà ló máa gbà fún oṣù.

Bí wọ́n bá ti wá fẹnu kò, ìwé ló kù. Ìtàn ilé kan tó wà ní Kláfáàmù, ní Lọ́ńdọ̀n, ni àwọn lọ́yà fi ń ṣàlàyé rẹ̀. High Trees ni orúkọ ilé náà. Lọ́dún 1937, ilé-iṣẹ́ kan gbà á lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tó ni ín ní £2,500 lọ́dún, pé àwọn yóò máa fi àwọn yàrá rẹ̀ háyà fáwọn èèyàn. Ogun àgbáyé dé, èèyàn sá kúrò ní Lọ́ńdọ̀n, ọ̀pọ̀ yàrá ṣófo. Lọ́dún 1940, onílé kọ lẹ́tà pé kí wọ́n máa san ìdajì, £1,250. Lẹ́tà náà kò sọ ọjọ́ tó máa parí. Nígbà tó di 1945, ilé ti kún padà, síbẹ̀ ìdajì ni wọ́n ṣì ń san. Ẹlòmíràn tó wá bójú tó ọ̀rọ̀ owó ilé-iṣẹ́ onílé ló yẹ ìwé wò, ó ní kí wọ́n san gbogbo èyí tí wọ́n ti dín kù látẹ̀yìn wá.

Adájọ́ Denning ló gbọ́ ẹjọ́ náà. Ó ní torí ogun àti yàrá tó ṣófo ni wọ́n ṣe dín owó kù, bí ilé bá sì ti kún, owó kíkún gbọ́dọ̀ padà. Ó wá fi kún un pé ká ní onílé béèrè fún owó àwọn ọdún tí ilé ṣófo, kóòtù kò ní gbà fún un, torí òun fúnra rẹ̀ ló ṣèlérí tí ayálégbé sì gbẹ́kẹ̀ lé e.

Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà náà, lórí ọkọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Àjàyí ra lọ́rì 11 lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ R.T. Briscoe, díẹ̀díẹ̀ ló ń san owó rẹ̀. Àwọn lọ́rì náà ń dààmú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ sì kọ̀wé sí i pé kó dá owó dúró ná níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀n lọ́dún 1964, Àjàyí ló pàdánù. Wọ́n ní ẹni tó ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀ lè padà lẹ́yìn rẹ̀ bó bá ti fún ọmọnìkejì rẹ̀ ní àkókò tó tó láti múra, àti pé Àjàyí kò fi ẹ̀rí hàn pé òun tìtorí ìlérí náà yí ètò òwò òun padà.

Ìyá oníbisikíìtì wa rí nǹkan mú níbẹ̀. Kó má kàn sọ pé “títí nǹkan á fi dáa,” torí ta ló máa sọ ọjọ́ tó dáa? Kó má sì sọ pé “títí wọn yóò fi ṣí ilé-ìwé” nìkan. Lọ́dún 2020, ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn ilé-ìwé rẹ̀ ṣí padà láti ọjọ́ 12 Oṣù Kẹwàá, ṣùgbọ́n ṣíṣí géètì kò túmọ̀ sí pé oníbàárà ti kún ìta. Ọjọ́ kan pàtó ló dáa jù: láti 1 Oṣù Keje sí 31 Oṣù Kejìlá 2020, N4,000 lóṣù, láti 1 Oṣù Kìn-ín-ní 2021, N8,000. Kí gbólóhùn kan sì tẹ̀ lé e pé onílé ti fi N24,000 tó kù jì í, kò jẹ́ gbèsè. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ kó san án tó bá yá, kí wọ́n kọ oṣù tó máa san án àti iye tó máa san.

Bó bá ṣeé ṣe, kí ìyá náà fún onílé ní nǹkan dípò. Ó lè san N24,000 oṣù mẹ́fà yẹn lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ sí ìwé, dípò kó máa mú un wá lóṣooṣù, tàbí kó tún páànù tó ń jò ṣe. Kì í ṣe pé èyí ń mú inú Bàbá dùn nìkan. Lójú òfin, ìlérí tí ẹnì kejì san nǹkan fún le ju èyí tí wọ́n kàn fi ṣe oore lọ.

Rìsíìtì wá ni pàkúté tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí. Bí onílé bá gba N24,000 tó sì kọ ọ́ pé “lára owó ọdún kan,” ìwé yẹn fúnra rẹ̀ ń sọ pé gbèsè ṣì wà. Kó kọ ọ́ pé “owó kíkún fún Oṣù Keje sí Oṣù Kejìlá 2020, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn.” Kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí àdéhùn náà, bó bá sì ṣeé ṣe kí ọ̀kan jẹ́ ọmọ onílé. Ní ti High Trees, kì í ṣe ẹni tó kọ lẹ́tà lọ́dún 1940 ló padà wá béèrè owó. Ẹlòmíràn ló dé sórí ìwé. Lọ́dọ̀ wa níbí, àwọn ọmọ ló sábà máa ń dé lẹ́yìn tí Bàbá bá ti kú, wọ́n á sì fẹ́ mọ ìdí tí owó ọdún 2020 kò fi pé.