Ìrù Kọ́mà Nínú Fọ́tò Ínfóìsì

Lustenau jẹ́ ìlú kékeré kan ní Ọ́stíríà, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú léèsì olówó ńlá tí a ń fi ṣe ìgbéyàwó ti ń wá. Bí wọ́n bá fi fọ́tò ínfóìsì ránṣẹ́ sí oníléèsì l'Ékòó, ó lè rí € 1.875,00 níbẹ̀. Bí ẹni kọ ọ́ sódì ni lójú tiwa, nítorí kọ́mà la fi ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, póìntì la sì fi ń ya kọ́bọ̀. Póìntì ni wọ́n fi ń ya ẹgbẹ̀rún ní tiwọn, kọ́mà sì ń ya sẹ́ǹtì. 1,875.00 yúrò ni owó yẹn.

Bó bá jẹ́ ìwé gan-an ló wà lọ́wọ́ ẹni, wàhálà kò pọ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò tó bá gba orí Wáásáàpù kì í mọ́lẹ̀ tó ti àkọ́kọ́, ìrù kọ́mà a sì máa pòórá, a wá dà bíi póìntì. Nítorí náà, ẹ ka nọ́ńbà tó tẹ̀lé àmì tó kẹ́yìn. Bó bá jẹ́ méjì, sẹ́ǹtì ni. Bó bá jẹ́ mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún ni lọ́pọ̀ ìgbà.

Mo ní lọ́pọ̀ ìgbà, nítorí iye owó mítà kan lè ní nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn kọ́mà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìlà kejì ínfóìsì náà kà báyìí: mítà 160, € 12,375, àpapọ̀ € 1.980,00. Ṣé yúrò méjìlá àti díẹ̀ ni mítà kan, àbí ẹgbẹ̀rún méjìlá? Ẹ fi 160 sọ 12.375 di púpọ̀, 1,980 gééré ni yóò jáde. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjìlá ni, ìlà yẹn nìkan ì bá lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ yúrò, léèsì wo nìyẹn! Ẹ wá ro ìlà méjèèjì pọ̀ mọ́ owó ìfiránṣẹ́, 96,40. Bí kò bá jẹ́ 3.951,40 tó wà nísàlẹ̀ ìwé ló jáde, ẹ ti ṣi nǹkan kan kọ.

Bí ẹ bá ń kọ ọ́ sínú Excel, ẹ yọ àmì ẹgbẹ̀rún kúrò pátápátá, kí ẹ kọ `3951.40`, kí `EUR` sì wà nínú àpótí tirẹ̀. Bí ẹ bá tẹ `1.875,00` bó ṣe wà, Excel tí wọ́n tò sí ìlànà Nàìjíríà á kà á sí ọ̀rọ̀ lásán: á fara ti apá òsì àpótí, `SUM` á sì fò ó kọjá. Ìyẹn ṣì hàn sójú. Èyí tí mo ń bẹ̀rù ni `1.875`, nítorí á gbà á bíi nọ́ńbà, kò sì ní sọ fún yín pé yúrò kan àti díẹ̀ lòun kọ.

Àwọn tó ń ra ọjà ní Kútọnu tún ní tiwọn. Àlàfo ni wọ́n fi ń ya ẹgbẹ̀rún nínú owó sẹ́fà, 1 250 000, ẹni tó bá sì ń kánjú lè kọ 250 000 nìkan.

Níbi tí àmì kò bá hàn, tí ìṣirò kò sì yanjú rẹ̀, ẹ má ṣe méfò. Ẹ ní kí wọ́n tún un yà.