Bí A Ti Ń Ka Ìwé Ìlù Ọkàn Ọmọ Inú

Ìyàwó àbúrò mi kan tí ń gbé Bódìjà ló bi mí léèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí mo ń rọbí, ìwé gígùn wo ni àwọn nọ́ọ̀sì ń fà yọ lára ẹ̀rọ, tí wọ́n ń tẹjú mọ́?" N ó dá a lóhùn bí mo ti máa ń dá àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ agbẹ̀bí lóhùn.

Kádíótókógíráfù ni orúkọ ẹ̀rọ náà. Ìgbànú méjì la fi ń so ó mọ́ ikùn aboyún. Ọ̀kan ń gbọ́ ìlù ọkàn ọmọ. Èkejì wà lápá òkè ikùn, ó ń mọ ìgbà tí ilé-ọmọ bá le. Nítorí náà ìlà méjì ló wà lórí ìwé: ti òkè ni ọkàn ọmọ, ti ìsàlẹ̀ ni ìrọbí. Kí agbẹ̀bí tó ka nǹkan kan, kí ó kọ́kọ́ di ọwọ́ ìyá mú, kí ó ka ìlù iṣan rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ a máa ṣèèṣì gbọ́ ti ìyá, a ó sì rò pé ti ọmọ ni.

Lẹ́yìn èyí, a ó wo ibi tí ìlà òkè fìdí kalẹ̀ sí fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Láti 110 títí dé 160 ní ìṣẹ́jú kan ló yẹ kí ó wà.

Lẹ́yìn náà, a ó wo bóyá ìlà náà ń ta gọ́ngọ́-gọ̀ǹgọ̀ bí eyín ayùn. Láti ìsàlẹ̀ eyín dé ṣóńṣó rẹ̀ yẹ kí ó jẹ́ 5 sí 25. Bí ìlà bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó lè jẹ́ pé ọmọ ń sùn, tàbí pé wọ́n fún ìyá ní abẹ́rẹ́ pẹtidíìnì. Ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ́ bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú 50 lọ, kí a má ṣe fi í sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ọkàn tó rọlẹ̀: kí ó wálẹ̀ ní 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 ó kéré tán. Níhìn-ín, ìgbà tó rọlẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀. Bí ó bá bá ìrọbí wálẹ̀, tó sì bá a gòkè, orí ọmọ ló ń fún. Bí ó bá já wálẹ̀ lójijì, tó sì tètè gòkè, ó sábà jẹ́ pé nǹkan tẹ okùn ìwọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó bá pẹ́ lẹ́yìn ìrọbí, òun ni kí a bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan tó ti Àgbowó wá bímọ. Wọ́n fi omi sí i lára kí ìrọbí lè le. Akẹ́kọ̀ọ́ mi mú ìwé náà wá. Ọkàn ọmọ tó wà ní 145 ní òwúrọ̀ ti dé 165, eyín ayùn kò ju 3 lọ. Ní gbogbo ìrọbí, ọkàn a máa rọlẹ̀ dé 145, ṣùgbọ́n ìdajì ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí ìrọbí bẹ̀rẹ̀ ni, kì í sì í gòkè títí ìrọbí yóò fi lọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ ní, "Mà, ó sáà tún ń padà sókè. Kò burú."

Mo ní, "Ka ìrọbí."

Ó kà á: 6 ni láàárín ìṣẹ́jú 10, ó sì ti ń rí bẹ́ẹ̀ láti ìdajì wákàtí. Kò yẹ kí ó ju 5 lọ. Nígbà tí ilé-ọmọ bá le, ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ibi ọmọ a dín kù. Bí ìrọbí bá sún mọ́ra jù, ọmọ kò rí àyè mí. A ti omi náà, a yí ìyá sí ẹ̀gbẹ́ òsì, a sì ránṣẹ́ pe dókítà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ìrọbí ti di 3, ọkàn kò rọlẹ̀ mọ́, eyín ayùn ti tó 10. Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ náà dé pẹ̀lú igbe. Bí ìlà náà kò bá padà bọ̀ sípò, iṣẹ́ abẹ ni ì bá kàn.

Ẹ̀rọ yìí a máa fi ẹ̀rù bani lásán nígbà mìíràn, ó sì ti mú kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọ̀pọ̀ tí kò nílò rẹ̀. Nítorí náà, aboyún tí ara rẹ̀ dá, tí kò sí ewu kan lórí oyún rẹ̀, fèrè agbẹ̀bí tó fún un: kí a gbọ́ ọkàn ọmọ fún ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ìrọbí, ní ìṣẹ́jú 15, 15, nígbà tó bá ń rin ọmọ, ní ìṣẹ́jú 5, 5.

Ẹ̀yin ìyá, bí wọ́n bá so ìgbànú mọ́ yín, ẹ má ṣe tú u fúnra yín. Bí ó bá ń fún yín, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.