Ọkọ̀ ni àbí ọkọ? Bí a ṣe ń dá àmì padà sórí ìròyìn

Ẹ jẹ́ ká sọ pé àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé láti agbègbè Ọ̀jọ́ báyìí, láìsí àmì kankan lórí ẹ̀:

"Olopaa ti ri oko ti won ji gbe ni Iba. O wa ni ago won ni Okokomaiko. Ki eni to ni oko naa mu iwe re wa."

Ẹnìkan gbọ́dọ̀ fi àmì sí i kó tó dé ọwọ́ ẹni tó máa kà á lórí afẹ́fẹ́. "Oko" ni wàhálà ibẹ̀. Ó lè jẹ́ oko tí à ń ro, ọkọ́ tí a fi ń ro ó, ọkọ ìyàwó, tàbí ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Ẹ má rò pé "ji gbe" á yanjú ẹ̀ o. Wọ́n ń jí ọkọ̀ gbé, wọ́n sì ń jí ọkọ oníyàwó gbé. Gbólóhùn kẹta ló tú u: "iwe". Ọkọ̀ ló ní ìwé tí wọ́n ń mú lọ fi han ọlọ́pàá. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń kà á dópin kí n tó fi àmì kankan sí i.

Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké ló kàn. "Ni" tó wà ṣáájú Iba ń tọ́ka ibi, "ní" ni. Èyí tó wà lẹ́yìn "eni to" jẹ́ ti ohun ìní, "ni" lásán ni. "O wa" jẹ́ "ó wà", ṣùgbọ́n "mu iwe re wa" jẹ́ "mú ìwé rẹ̀ wá". Ẹ pè é sókè, etí yín á gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ó wá di: "Ọlọ́pàá ti rí ọkọ̀ tí wọ́n jí gbé ní Ìbà. Ó wà ní àgọ́ wọn ní Òkòkómáikò. Kí ẹni tó ni ọkọ̀ náà mú ìwé rẹ̀ wá."

Àwọn kan máa ń fi àmì sí ìsàlẹ̀ nìkan, wọ́n á fi tòkè sílẹ̀. Ewu wà níbẹ̀, torí ohùn àárín kì í gba àmì. Bẹ́ ẹ bá kọ "ọkọ" láìfi àmì sókè, ọkọ ìyàwó lẹ kọ yẹn, kì í ṣe mọ́tò.

Tí wọn ò bá wá sọ ti ìwé ńkọ́? "Won ti ri oko iya oloja ti won ji gbe." Kò sí ọgbọ́n gírámà tó lè tú ìyẹn. Ẹni tó fi í ránṣẹ́ la máa pè. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ ìlú àti orúkọ èèyàn: ẹnu onílé la ti ń gbọ́ ọ.

Ohun kan tún kù lórí ẹ̀rọ. "Ọ" àti "ò" jẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n "ọ̀" kò ní tirẹ̀. Wọ́n ń gbé àmì ohùn lé "ọ" ni, tàbí kí wọ́n gbé àmì ìsàlẹ̀ sí "ò". Ojú ò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀, àmọ́ ẹ lè wá "ọkọ̀" nínú ìròyìn àná kí ẹ̀rọ ní òun ò rí i.